Òfò mílíọ̀nù 9, owó mílíọ̀nù 3 ó lé díẹ̀: ohun tí ìwé adójútòfò sọ fún aláádìrẹ kan ní Ìtòkú

Ìwé tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi ránṣẹ́ sí Bàbá Ìbejì ní oṣù kẹta ọdún 2025 kò gùn rárá. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, iye tí wọ́n sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni 3,240,000 náírà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, ó tún un kà, lẹ́yìn náà ni ó na ìwé náà sí mi. Ó ní, “Àbúrò, bá mi wò ó. Ó jọ pé wọ́n gbàgbé nǹkan kan.”

Wọn kò gbàgbé nǹkan kan. Iṣẹ́ alárinà adójútòfò ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni Bàbá Ìbejì ti gba ìwé tirẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ará ilé kan náà ni wá, èmi ni ó sì ké sí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ ni mo kọ síbí yìí. Ohun tó rú u lójú náà ni ó máa ń rú ọ̀pọ̀ oníṣọ̀ lójú: ìwé rẹ̀ sọ pé mílíọ̀nù 6 náírà ni wọ́n fi dáàbò bo ọjà inú ìsọ̀ rẹ̀, iná jó ọjà mílíọ̀nù 9, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí wọn kò bá lè san mílíọ̀nù 9, wọ́n á kúkú san mílíọ̀nù 6 tó wà nínú ìwé. Lójú tirẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti bá a kó mílíọ̀nù 6 pa mọ́ síbì kan, tó sì ń dúró de ọjọ́ tí òun yóò nílò rẹ̀. Ìwé adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣàlàyé.

Ọdún 2021 ni ó kọ́kọ́ gba ìwé náà. Adìrẹ oní-yáàdì márùn-ún ni ó ń tà, lọ́dọ̀ àwọn aláró ni ó sì ti ń rà á, tí yóò ká a ní ìdìdì sórí pákó láti ilẹ̀ títí dé àjà. Pákó yẹn máa ń gba nǹkan bí 2,000 ìdì tí kò bá sí àyè mọ́. Lọ́dún náà, 3,000 náírà ni ó ń ra ìdì kan. Nígbà tí aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò béèrè pé èló ni ọjà inú ìsọ̀ náà tó, Bàbá Ìbejì gbójú sókè wo pákó, ó ṣírò, ó ní mílíọ̀nù 6. Òótọ́ ni ó sọ. Kò bù ú kù, kò sì fi kún un. Wọ́n ní kí ó máa san náírà 5 lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 30,000 náírà lọ́dún, ó sì san án.

Láti ìgbà náà, bí oṣù kọkànlá bá ti dé, aṣojú náà á pè é lórí fóònù pé, “Bàbá, ìwé yín ti fẹ́ kú o,” Bàbá Ìbejì á sì fi 30,000 ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022, ní 2023, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Kò pẹ́ san rí. Kò sí ẹni tó bi í léèrè bóyá mílíọ̀nù 6 ṣì ni ọjà náà, òun náà kò sì rí ìdí tí yóò fi béèrè, nítorí pé pákó kò yí padà, iye ìdì tó wà lórí rẹ̀ kò yí padà, ìsọ̀ náà kò sì fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Ohun tó yí padà ni náírà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú okùn tí wọ́n fi so iye náírà mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí dọ́là jẹ́. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ṣáájú ọjọ́ náà ti kọjá 1,500 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Ọ̀pọ̀ aṣọ funfun tí àwọn aláró ń lò, òkè òkun ni ó ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni àwọ̀ inú ike ti ń wá, nítorí náà kò sí bí ọ̀rọ̀ dọ́là kò ṣe ní kàn wọ́n. Ìdì adìrẹ kan tí Bàbá Ìbejì ń rà ní 3,000 ti di 7,500 náírà nígbà tó di ìparí 2024. Pákó kan náà, 2,000 ìdì kan náà, ṣùgbọ́n ọjà mílíọ̀nù 6 ti di ọjà mílíọ̀nù 15. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun èèyàn jù nìyẹn, nítorí pé ẹni tó bá ra ọjà púpọ̀ sí i yóò mọ̀ pé ọjà òun ti pọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó síwájú pákó tó ti ń wò fún ọdún mẹ́ta kí ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti di ìlọ́po méjì àbọ̀?

Òru ọjọ́ kan ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ni iná náà bẹ̀rẹ̀, láti ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ọjà ọdún Kérésì ti kún inú ìsọ̀ fọ́fọ́. Àwọn panápaná dé, wọ́n sì dá iná náà dúró kí ó tó mú gbogbo ilà náà, ṣùgbọ́n apá kan ìsọ̀ Bàbá Ìbejì ti lọ. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán ẹni tó ń ṣírò òfò wá. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rí irú wọn rí, ẹ jẹ́ kí n sọ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni. Ọ̀mọ̀ràn tó dá dúró ni, tó ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń háyà láti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye tó bàjẹ́. Ó kọ́kọ́ ka èyí tí iná kò fọwọ́ kàn, ó rí 740 ìdì. Lẹ́yìn náà ó ka èyí tí omi àwọn panápaná rin, ó rí 120 ìdì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfò omi kò sí lára òfò iná, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀, torí pé ọ̀nà àtipa iná náà ni omi yẹn gbà dé. Wọ́n sa àwọn aṣọ náà sóòrùn, wọ́n sì gbà pé bí wọ́n bá tún wọn rẹ, wọ́n ṣì lè mú ìdajì owó wá, wọ́n wá ka 120 náà sí òfò 60 ìdì.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ iye tó jóná, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó jóná kì í dúró kí èèyàn kà á? Ìwé ọjà Bàbá Ìbejì jó dé ìdajì. Ẹni tó ń ṣírò òfò náà béèrè ìgbà tó ka ọjà rẹ̀ kẹ́yìn kí iná tó ṣẹlẹ̀, ó gba ìwé rìsíìtì lọ́wọ́ àwọn aláró tó ń tà fún un, ó gba àkọsílẹ̀ owó láti báńkì rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìsọ̀ nígbà tó kà á kẹ́yìn, pẹ̀lú ohun tó rà lẹ́yìn ìyẹn, tí a bá yọ ohun tó tà kúrò nínú rẹ̀, ni ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ iná. Ó bọ́ sí 2,000 ìdì. Tí a bá yọ 740 àti 120, ó ku 1,140 tó di eérú. Fi 60 ti omi kún un, ó di 1,200 ìdì. Ní 7,500 náírà ìkọ̀ọ̀kan, òfò náà jẹ́ mílíọ̀nù 9. Kò sí ẹni tó bá Bàbá Ìbejì jiyàn lórí èyí. Ilé-iṣẹ́ náà gbà á pátápátá.

Ibi tí ọ̀nà wá ti yà nìyí. Nínú ìwé adójútòfò ti iná, gbólóhùn kan wà tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní áfárèèjì, tí èmi yóò máa pè ní òfin ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń wà lójú ewé kẹta tàbí ìkẹrin, ní lẹ́tà wínníwínní. Ohun tó ń sọ ni pé bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ní àkókò tí iná ṣẹ́ yọ, iye tí ọjà jẹ́ ju iye tó wà nínú ìwé lọ, a ó ka oníṣọ̀ fúnra rẹ̀ sí adójútòfò ara rẹ̀ fún ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, yóò sì fara gba ìpín tirẹ̀ nínú òfò yòówù kó ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí “òfò yòówù”. Kì í ṣe òfò tó bá ju mílíọ̀nù 6 lọ nìkan ni. Láti orí náírà àkọ́kọ́ ni ìpín náà ti bẹ̀rẹ̀.

Iye tó wà nínú ìwé ni mílíọ̀nù 6, iye ọjà lọ́jọ́ iná ni mílíọ̀nù 15, èyí túmọ̀ sí pé ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún ọjà náà ni ilé-iṣẹ́ náà dáàbò bò. Ìdá mẹ́ta tó kù wà lọ́rùn Bàbá Ìbejì, láìmọ̀ ọ́n. Bí òfò bá dé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe pín in:

(6,000,000 ÷ 15,000,000) × 9,000,000 = 3,600,000

Nígbà tí mo ṣe ìṣírò yìí fún un lórí ẹ̀yìn ìwé náà, ó ní ìrẹ́jẹ ni. Mo bi í pé, “Bàbá, ẹ ṣì ń dá èésú tẹ́ ẹ ń dá pẹ̀lú àwọn ará ìlà yín?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, “Ẹni tó ń dá ọwọ́ méjì, tí ẹlòmíràn sì ń dá ọwọ́ márùn-ún, ṣé iye kan náà ni wọ́n máa ń kó?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ohun tí òfin ìpín ń ṣe kò jìnnà sí ìyẹn. Owó tí gbogbo oníṣọ̀ ń san lọ́dọọdún ni wọ́n kó jọ láti fi san òfò àwọn díẹ̀ tí iná bá jó láàárín wọn. Ẹni tó ní ọjà mílíọ̀nù 15 tó sì kọ mílíọ̀nù 15 ń san 75,000 náírà, Bàbá Ìbejì tó ní ọjà mílíọ̀nù 15 ń san 30,000. Iná kì í sábà jó ìsọ̀ kan tán, apá kan ni ó máa ń jó. Bí kò bá sí òfin ìpín, gbogbo wa ni yóò máa kọ iye kékeré, tí a ó máa san owó kékeré, tí a ó sì máa gba òfò kékeré wa ní kíkún, ẹni tó kọ òdodo ni yóò sì máa ru ẹrù wa.

Mo mọ̀ pé àlàyé náà bọ́gbọ́n mu. Mo sì mọ̀ pé ẹni tí iná jó kò wá sọ́dọ̀ èèyàn nítorí ohun tó bọ́gbọ́n mu.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà korò sí i ni aládùúgbò rẹ̀, ẹni tí iná ti bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀. Mílíọ̀nù 6 ni ó wà nínú ìwé tirẹ̀ náà, ilé-iṣẹ́ kan náà sì ni. Ọjà tirẹ̀ tó mílíọ̀nù 12, gbogbo rẹ̀ jóná kanlẹ̀. Òun gba mílíọ̀nù 6 náà kí wọ́n tó yọ ohun tí wọ́n máa ń yọ. Bàbá Ìbejì gbọ́, ara rẹ̀ kò sì lélẹ̀ mọ́: “Ìwé kan náà, iye kan náà, iná kan náà, kí ló dé tí tirẹ̀ fi pé?” Àwọn kan ní ọjà ti ń sọ pé ọkùnrin náà mọ èèyàn ní ilé-iṣẹ́ náà. Kò mọ ẹnì kankan. Òfin ìpín kan náà ni wọ́n lò fún un: mílíọ̀nù 6 jẹ́ ìdajì mílíọ̀nù 12, nítorí náà ìdajì òfò rẹ̀ ni wọ́n san, ìdajì mílíọ̀nù 12 sì jẹ́ mílíọ̀nù 6. Bí gbogbo ọjà bá lọ tán, iye tí òfin ìpín bá gbé jáde máa ń ṣe déédéé pẹ̀lú iye tó wà nínú ìwé, ojú èèyàn kò sì ní rí i pé wọ́n lo òfin kankan. Ìgbà tó bá jẹ́ apá kan ni iná jó ni òfin náà ń fara hàn. Láti inú irú àpẹẹrẹ aládùúgbò yìí ni àwọn oníṣọ̀ ti ń gbọ́ pé “wọ́n á san iye tó wà nínú ìwé”, tí wọ́n sì gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá wo ohun tó ṣẹ́ kù lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ ó rí i pé ẹni tó gba owó púpọ̀ náà ni òfò rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé pákó òfìfo ni ó bá, Bàbá Ìbejì sì ṣì ní 740 ìdì tó lè máa tà.

Kí ìwé ìkẹyìn tó dé, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣírò, ẹnì kan ti gba Bàbá Ìbejì nímọ̀ràn pé kí ó sọ pé ọjà òun tó mílíọ̀nù 18, pé bí èèyàn bá sọ ọ́ tóbi, wọ́n á gé e kù sí ohun tó dára. Mo dúpẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ọ́ létí mi. Ẹ jẹ́ ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gbà á gbọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ti kà á, nítorí náà mílíọ̀nù 3 tó fi kún un gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó jóná, òfò á di mílíọ̀nù 12. Mílíọ̀nù 6 nínú mílíọ̀nù 18 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta mílíọ̀nù 12 sì jẹ́ mílíọ̀nù 4. Irọ́ mílíọ̀nù 3 náírà, 400,000 péré ni yóò mú wá. Nítorí 400,000 yìí, bí ẹni tó ń ṣírò òfò bá fi rìsíìtì àwọn aláró mú un, irọ́ náà tó láti mú kí wọ́n má san kọ́bọ̀ kan, nítorí pé gbólóhùn mìíràn wà nínú ìwé náà tó sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀tàn béèrè owó ti pàdánù gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí wọ́n jọ fà díẹ̀ lórí rẹ̀, èyí ni iye tí ìdì kan jẹ́. 9,500 náírà ni Bàbá Ìbejì ń tà á, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi 9,500 ṣírò. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní 7,500. Iye tí yóò ná an láti tún ra ọjà náà ní ọjọ́ iná ni wọ́n ń wò. Wọn kì í wo iye tó rà á lọ́jọ́ tó rà á, wọn kì í sì í wo iye tí ì bá tà á. Èrè tí kò tíì pa kò sí lára ọjà. Ìwé mìíràn ló wà fún èrè tó bá sọnù nígbà tí ìsọ̀ bá wà ní títì, òun náà ní iye tirẹ̀ àti owó tirẹ̀, Bàbá Ìbejì kò sì gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni 80 ìdì kan tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ kó sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí ó bá òun tà: wọ́n jóná pẹ̀lú ti Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n wọn kò kà wọ́n mọ́ 2,000 náà, nítorí pé ìwé náà sọ pé ọjà tirẹ̀ nìkan ni. Ó yẹ kí ó ti sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé òun máa ń gba ọjà ọlọ́jà sọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ 80 ìdì yẹn ti di ọ̀rọ̀ ẹbí báyìí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Nínú mílíọ̀nù 3 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 tó jáde, wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn 360,000, nítorí pé ìwé rẹ̀ sọ pé oníṣọ̀ ni yóò máa fara gba ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó bá tọ́ sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwé iná tí kò ní irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ máa ń yàtọ̀. Ó wá ku 3,240,000. Ká ní mílíọ̀nù 15 ni ó wà nínú ìwé náà ni, òfin ìpín kò ní rí ibi fìdí kalẹ̀, mílíọ̀nù 9 ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, lẹ́yìn ìyọkúrò náà ì bá gba mílíọ̀nù 8 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100. Ìyàtọ̀ tó wà nínú owó tí ì bá san ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 jẹ́ 45,000 náírà, èyí tó jẹ́ owó ìdì mẹ́fà.

Ṣé aṣojú tó ń pè é lọ́dọọdún kò jẹ̀bi? Lójú òfin, oníṣọ̀ ni ó ni ọjà, òun ni ó sì yẹ kí ó sọ iye rẹ̀; ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í ránṣẹ́ wá ka pákó kí ó tó gba owó. Ṣùgbọ́n èmi tí mo wà nínú iṣẹ́ náà, mi ò lè fi gbogbo ẹnu dá aṣojú náà láre. A mọ ìdí tí a kì í fi béèrè. Bí mo bá pe oníbàárà tó ti mọ́ lára láti máa san 30,000, tí mo ní kí ó san 75,000, ẹ̀rù á máa bà mí pé á ní òun ò ṣe mọ́. Nítorí náà a máa ń kọ iye ọdún tó kọjá sórí ìwé tuntun, a ó sì fi ránṣẹ́. Ní ọdún tí owó kò bá gbéra, kò sí ewu ńlá nínú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 tí àjọ ìjọba tó ń ṣírò ọ̀wọ́n gógó sọ pé iye owó ọjà fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ẹni tó bá kọ iye ọdún tó kọjá sórí ìwé tuntun mọ̀ pé iye náà ti kéré jù kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bàbá Ìbejì bi mí pé ṣé ó di dandan kí èèyàn dúró de oṣù kọkànlá kó tó tún iye náà ṣe. Kò di dandan. Bí ọjà bá wọ́n láàárín ọdún, tàbí bí èèyàn bá fẹ́ kó ọjà wọlé fún ọdún Iléyá tàbí fún Kérésì, ó lè kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n gbé iye náà sókè, wọ́n á gba owó oṣù tó kù nìkan, wọ́n á sì fún un ní ìwé àfikún kan tí yóò so mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìwé àfikún yẹn ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá fi ẹnu sọ ọ́ fún aṣojú lórí fóònù tí kò sì rí ìwé gbà, kò tíì ṣe nǹkan kan. Fún ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ ń lọ sókè sódò gan-an, irú ìwé mìíràn wà tí èèyàn yóò ti kọ iye tó ga jù lọ tí ọjà rẹ̀ lè dé, tí yóò máa fi iye ọjà rẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù, tí wọ́n á sì ṣe ìṣirò owó rẹ̀ ní ìparí ọdún. Fún pákó 2,000 ìdì, wàhálà rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Kí ó kọ iye tí ọjà náà máa ń jẹ́ nígbà tó bá kún jù lọ, ó tán. Ṣùgbọ́n kí ó má kọ mílíọ̀nù 30 sórí ọjà mílíọ̀nù 15, torí òfò tó bá ṣe é nìkan ni wọ́n máa san. Owó tó san lórí mílíọ̀nù 15 tó lé yẹn ti wọgbó.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì wá ní òun mọ ẹnì kan tó dáàbò bo apá kan ọjà rẹ̀, tí wọ́n sì san án pé láìsí òfin ìpín. Kò purọ́. Ti olè ni ìyẹn. Nínú ìwé adójútòfò ti olè jíjà, ilé-iṣẹ́ lè gbà pé olè kò lè kó gbogbo ìsọ̀ lọ lóru kan, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò sí iye kan tó kéré sí gbogbo ọjà, tí wọn kò sì ní pín òfò, bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni oníṣọ̀ sọ nípa iye gbogbo ọjà rẹ̀. Iná kì í kó ẹrù mọ níwọ̀n, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbé ìwé ti olè wá fi tú ti iná.

Àárín òòrùn ni a parí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Ìbejì fọwọ́ sí ìwé ìgbowó, mo sì gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí pé ìṣírò náà tọ́. Ká ní kò tọ́ ni, ì bá ṣeé ṣe fún un láti kọ̀wé sí àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà láìsan owó agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n NAICOM kò lè fi ọwọ́ pa ohun tó wà nínú ìwé tí èèyàn ti fọwọ́ sí rẹ́. Nígbà tí owó náà wọlé, 432 ìdì ni ó rà á, ó sì kó wọn tì 740 tó wà nílẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, aṣojú náà tún pè é gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ pé ìwé ti fẹ́ kú, pé 30,000 ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sọ fún mi pé bàbá òun ní kí ó dúró ná. Ó dìde, ó ka pákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kọ iye ìdì náà sára páálí. Lẹ́yìn náà ó pe aláró tó ń tà fún un, kò sì bi í ní iye tó tà á ní oṣù tó kọjá. Ó ní, “Ìyá, ẹ ẹ̀ ní bínú, èló lẹ̀ ń tà á lónìí?”